Ẹ Pé Mẹ́ta Péré Nídìí Owó? Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Pín Iṣẹ́ Kí Ẹnì Kan Má Dá Gbogbo Ẹ̀ Ṣe

Tẹ́ ẹ bá bi àwọn oníṣirò owó, wọ́n á sọ fún yín pé ẹni tó ń fọwọ́ sí i kówó jáde, ẹni tówó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ àti ẹni tó ń yẹ gbogbo ẹ̀ wò gbọ́dọ̀ jẹ́ èèyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ibo lẹ ti fẹ́ rí èèyàn mẹ́rin nígbà tó jẹ́ ẹ̀yin ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ méjì lẹ wà níbẹ̀? Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá wá máa ń ṣe ni pé wọ́n á wá ẹnì kan tọ́kàn wọn balẹ̀ sí, wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ lé e lọ́wọ́, òun lá gbowó, òun lá kọ ọ́, òun lá lọ báńkì, òun náà lá tún wá sọ lópin oṣù pé gbogbo ẹ̀ bára mu. Ẹni yẹn nìkan ló ń ṣe ìdánwò, òun náà ló ń máàkì í.

Ọ̀nà wà ṣá, ẹ ò sì nílò èèyàn mẹ́rin. Iṣẹ́ méjì ló wà tí ò gbọ́dọ̀ pàdé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, ìyẹn ni fífọwọ́ kan owó àti kíkọ owó sílẹ̀. Ẹ pín méjèèjì sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ méjì yẹn, kẹ́ ẹ wá fi fífọwọ́sí àti yíyẹ̀wò sọ́wọ́ ara yín. Mo mọ̀ pé ọ̀gá míì á ní òun náà ń gbìyànjú, òun máa ń jókòó sídìí owó nígbà míì, òun máa ń bá wọn tẹ ínfọ́ìsì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tẹ́lòmíì lè bá yín ṣe nìyẹn. Èyí tẹ́nì kankan ò lè bá yín ṣe ni kẹ́ ẹ máa wo ohun táwọn yòókù ti ṣe.

Nínú àpẹẹrẹ tí mo máa lò látòkè délẹ̀, èèyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Ọ̀gá, Kásíà àti Akọ̀wé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an sílẹ̀

Ẹ mú bébà kan, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ibi tówó ti ń wọlé àti ibi tó ń gbà jáde sí i, bíi gbígba owó lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà, gbígbé owó lọ báńkì, sísan owó fáwọn tó ń kó ọjà wá, owó oṣù, owó kéékèèké tí wọ́n ń ná lójoojúmọ́, dídá owó padà fún kọ́sítọ́mà, àti pípa gbèsè rẹ́. Ní iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń fọwọ́ sí i, ẹni tó ń mú owó náà lọ́wọ́, ẹni tó ń kọ ọ́ sínú ìwé àti ẹni tó ń fi ìwé wé owó. Ẹni tó ń ṣe é lóòótọ́ ni kẹ́ ẹ kọ o, kì í ṣe ẹni tó yẹ kó máa ṣe é. Tó bá jẹ́ pé Akọ̀wé ló máa ń gbowó nígbà tí Kásíà bá lọ jẹun, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fi bírò pupa yí gbogbo ibi tí orúkọ ẹnì kan ti fara hàn lábẹ́ mímú owó lọ́wọ́ àti kíkọ ọ́ sílẹ̀ po. Tí orúkọ kan bá wà ní gbogbo ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibẹ̀ lẹ máa tún ṣe ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ kejì: owó tó ń wọlé

Kásíà ló ń gbowó, ó sì gbọ́dọ̀ kọ rìsíìtì fún gbogbo owó tó bá gbà. Kí rìsíìtì yẹn jẹ́ èyí tí wọ́n ti tẹ nọ́ńbà sí láti ilé ìtẹ̀wé, tàbí tó jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń fún un ní nọ́ńbà fúnra ẹ̀, tí ẹ̀dà kan á sì kù sílẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Kásíà á kọ àwọn owó tó gbà lọ́jọ́ yẹn jọ pẹ̀lú nọ́ńbà rìsíìtì kọ̀ọ̀kan, á gbé owó náà lọ sí báńkì bó ṣe wà láìyọ kọ́bọ̀ nínú ẹ̀, á sì fún Akọ̀wé ní àkọsílẹ̀ yẹn pẹ̀lú ìwé tí báńkì fún un. Akọ̀wé ò ní fọwọ́ kan owó rárá. Inú bébà tí wọ́n gbé fún un lá ti kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè kọ́sítọ́mà kọ̀ọ̀kan.

Iye mẹ́ta ló wá jáde yẹn, iye tí Kásíà kọ, iye tí báńkì gbà àti iye tí Akọ̀wé kọ sínú ìwé. Tí Kásíà bá jí owó tó ti kọ rìsíìtì fún, ìwé báńkì á tú u fó. Tí Akọ̀wé náà bá fẹ́ yí ìwé padà, kò sówó lọ́wọ́ ẹ̀ tó máa kó. Ẹ̀yin, ẹ mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ọjọ́ tẹ́nì kankan ò mọ̀, kẹ́ ẹ fi iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra. Kẹ́ ẹ tún wò ó bóyá nọ́ńbà rìsíìtì tẹ̀ léra. Tẹ́ ẹ bá rí 214, 215, tẹ́ ẹ wá rí 217, ẹ béèrè 216. Kódà tó bá jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ bà jẹ́ ni, ẹ̀dà méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣì wà nínú ìwé náà pẹ̀lú ìlà tí wọ́n fi fagi lé e.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ hàn yín tí gbígba owó àti kíkọ ìwé gbèsè bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, torí èyí ló máa ń pẹ́ jù kọ́wọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ká ní kọ́sítọ́mà àkọ́kọ́ jẹ yín ní 300, ó wá san án lọ́wọ́ lọ́jọ́ kẹta oṣù, òṣìṣẹ́ yẹn fi sápò. Nínú ìwé, kọ́sítọ́mà yẹn ṣì jẹ gbèsè, tẹ́nì kan bá sì pè é láti béèrè owó, àṣírí tú nìyẹn. Nígbà tí kọ́sítọ́mà kejì wá san 450 lọ́jọ́ kẹwàá, òṣìṣẹ́ yìí á kọ 300 nínú ẹ̀ sórúkọ ẹni àkọ́kọ́, á wá kọ 150 sórúkọ ẹni kejì. Ẹni àkọ́kọ́ ti bọ́, àmọ́ 300 ti wá kù lọ́rùn ẹni kejì. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, ẹni kẹta san 500, ó mú 300 níbẹ̀ fi dí ti ẹni kejì, ó kọ 200 tó kù sí ti ẹni kẹta. Ihò náà ò dí rárá, ó kàn ń ṣí kiri ni. Ó sì máa ń fẹ̀ sí i, torí ẹni tó mú 300 tí ò sóhun tó ṣẹlẹ̀ máa ń tún mú òmíràn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa rí i ni pé kẹ́ ẹ wo déètì. Rìsíìtì ẹni àkọ́kọ́ sọ pé ọjọ́ kẹta, ìwé gbèsè ní ọjọ́ kẹwàá. Ẹni kejì ní rìsíìtì kan ṣoṣo tí iye orí ẹ̀ jẹ́ 450, àmọ́ nínú ìwé gbèsè owó ẹ̀ ti di méjì, 150 lọ́jọ́ kẹwàá àti 300 lọ́jọ́ kẹtàdínlógún. Kò sí kọ́sítọ́mà tó ń sanwó bẹ́ẹ̀ yẹn. Torí náà ẹ máa mú rìsíìtì márùn-ún lóṣooṣù, èyíkéyìí tó bá wù yín, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan dé báńkì àti dé ìwé gbèsè, kí orúkọ, iye àti déètì bára mu. Èyí tó tún lágbára jùyẹn lọ ni pé lópin oṣù, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ fi sitétímẹ́ǹtì gbèsè ránṣẹ́ sí gbogbo kọ́sítọ́mà tó ń ra àwìn, kí èsì sì máa wá sórí fóònù tàbí ímeèlì yín, kó má gba ọ́fíìsì kọjá. Kọ́sítọ́mà tó ti san 500 tó wá rí i pé wọ́n kọ ọ́ pé òun ṣì jẹ 300 á pariwo láìjẹ́ pé ẹ bi í léèrè.

Ọ̀nà kan wà tí olè yìí lè gbà dí ihò ẹ̀ pátápátá, ìyẹn ni kó pa gbèsè 300 yẹn rẹ́, kó kọ ọ́ pé kọ́sítọ́mà dá ọjà padà tàbí pé ẹni yẹn ò lè san mọ́. Ìdí nìyẹn tí pípa gbèsè rẹ́, dídín owó kù àti dídá owó padà fi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ Ọ̀gá nìkan, bó ti wù kówó náà kéré tó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: owó tó ń jáde

Èyí rọrùn ju tẹ́lẹ̀ lọ báyìí torí áàpù báńkì. Ẹ lọ bá báńkì yín pé ẹ fẹ́ akaǹtì iléeṣẹ́ tó jẹ́ pé ẹnì kan á to owó tẹ́ ẹ fẹ́ san sílẹ̀, ẹlòmíì á tẹ̀ ẹ́ láti fọwọ́ sí i kó tó lọ. Akọ̀wé lá máa tò ó, á lẹ ínfọ́ìsì àti ìwé tó fi hàn pé ọjà dé mọ́ ọn, ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ ẹ́. Kí Kásíà ló ka ọjà nígbà tó dé kó sì fọwọ́ sí i, torí tó bá jẹ́ Akọ̀wé ló kà á, tó tún jẹ́ òun ló to owó, ó lè sanwó fún àpótí mẹ́wàá nígbà tó jẹ́ méje ló dé.

Tókìn yín àti páásíwọ́ọ̀dù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí ibí yìí lọ̀pọ̀ ń bà á jẹ́ sí, wọ́n ti ṣètò gbogbo ẹ̀ tán, ọ̀gá wá ń wakọ̀ lọ lọ́jọ́ kan, wọ́n pè é pé ẹni tó kó ọjà wá ń dúró, ó ní kí wọ́n yẹ dúróọ̀ òun wò, tókìn wà níbẹ̀, nọ́ńbà rèé. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹnì kan ṣoṣo ló ń tò ó, òun náà ló ń tẹ̀ ẹ́, báńkì sì rò pé èèyàn méjì ni.

Ohun mìíràn tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́wọ́ yín ni fífi orúkọ tuntun kún àwọn tẹ́ ẹ ń sanwó fún, àti yíyí nọ́ńbà akaǹtì ẹni tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ padà. Jìbìtì méjì ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Àkọ́kọ́ ni ti inú ilé, kí òṣìṣẹ́ dá iléeṣẹ́ tí ò sí sílẹ̀, kó máa kọ ínfọ́ìsì fún iṣẹ́ tẹ́ ẹ ò lè fojú rí, bí àtúnṣe tàbí ìmọ̀ràn. Èkejì ni ti ìta, kẹ́nì kan fi ímeèlì ránṣẹ́ bíi pé ẹni tó ń kó ọjà fún yín ni, pé àwọn ti yí báńkì padà. Oògùn èkejì ò ju pé kẹ́ ẹ pe ẹni náà lórí nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà tó wà nínú ímeèlì yẹn. Ní ti àkọ́kọ́, ẹ máa fi nọ́ńbà akaǹtì àwọn tẹ́ ẹ ń sanwó fún wé ti àwọn òṣìṣẹ́ yín. Ẹ tún wo nọ́ńbà ínfọ́ìsì wọn. Iléeṣẹ́ tí ínfọ́ìsì ẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ yín lóṣù mẹ́ta bá jẹ́ 001, 002 àti 003, á jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni kọ́sítọ́mà ẹ̀ láyé yìí nìyẹn.

Fún owó kéékèèké, ẹ fi iye kan sílẹ̀ lọ́wọ́ Kásíà, ká ní 200. Ìgbàkigbà tẹ́ ẹ bá kà á, owó tó kù àti rìsíìtì tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 200 lápapọ̀. Tó bá ń tán lọ, ẹ wo rìsíìtì, ẹ fagi lé wọn kí wọ́n má bàa tún gbé e wá, kẹ́ ẹ wá fi iye orí wọn kún un padà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: sitétímẹ́ǹtì báńkì

Tó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo lẹ máa mú níbí, ẹ mú èyí. Sitétímẹ́ǹtì báńkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọwọ́ yín kó tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wà á jáde fúnra yín látinú áàpù báńkì, ẹ má gba èyí tí wọ́n bá tẹ̀ fún yín ní ọ́fíìsì, torí kò ṣòro láti yí nọ́ńbà orí ẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ Rita Crundwell tó ṣẹlẹ̀ nílùú Dixon, ní Illinois lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fi èyí hàn. Òun ló ń bójú tó owó ìjọba ìlú kékeré yẹn. Ó ṣí akaǹtì kan lórúkọ ìlú lọ́dún 1990, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, ó ń darí owó ìlú gba ibẹ̀, ó sì ń fi ínfọ́ìsì ayédèrú bò ó. Owó tó kó lé ní mílíọ̀nù 53 dọ́là. Ọdọọdún làwọn ayẹ̀wé-owó-wò ń wá, wọn ò rí nǹkan kan. Lọ́dún 2011 tó gba ìsinmi, akọ̀wé ìlú tó ń bá a dipò ní kí báńkì fi sitétímẹ́ǹtì gbogbo akaǹtì ìlú ránṣẹ́, ó wá rí ọ̀kan tí kò mọ̀ rí. Wọ́n mú Crundwell lọ́dún 2012, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún 19 àti oṣù 7 lọ́dún 2013. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí akọ̀wé yẹn béèrè o, gbogbo akaǹtì tó wà lórúkọ ìlú ni. Ẹ̀yin náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì pé akaǹtì mélòó ló wà lórúkọ iléeṣẹ́ yín.

Fífi ìwé wé báńkì, Akọ̀wé lè ṣe é torí kì í fọwọ́ kan owó, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú sitétímẹ́ǹtì tẹ́yin fúnra yín wà jáde. Ká ní báńkì sọ pé 8,200 ló kù lópin oṣù. Owó 600 kan wà tí Kásíà gbé lọ lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù tí báńkì ò tíì kọ, ẹ fi kún un. Sọ̀wédowó 350 kan wà tẹ́ ẹ ti kọ fún ẹnì kan tí ò tíì lọ gbà á, ẹ yọ ọ́. Ó di 8,450, iye yẹn gan-an ló sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yín.

Ibi tó yẹ kójú yín wà ni 600 yẹn. Owó tí wọ́n gbé lọ báńkì lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù gbọ́dọ̀ hàn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ bíi mélòó kan sígbà yẹn. Ẹ wo sitétímẹ́ǹtì oṣù tuntun, tí 600 ò bá tíì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ, kò sí lọ́nà mọ́ nìyẹn, ẹnì kan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bákan náà ni tẹ́ ẹ bá ń rí owó tó wà lọ́nà ní gbogbo ìparí oṣù tí iye ẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, ihò kan ni wọ́n ń fi í bò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: orí kọ̀ǹpútà

Kí oníkálukú ní orúkọ ìwọlé àti páásíwọ́ọ̀dù tiẹ̀ nínú sọ́fúwià tẹ́ ẹ fi ń ṣírò owó, torí tẹ́ ẹ bá ń lo ọ̀kan ṣoṣo, gbogbo pípín iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ń ṣe bọ̀ ti di asán, ẹ ò ní mọ ẹni tó kọ èwo. Kásíà á lè kọ rìsíìtì, kò ní lè pa á rẹ́. Akọ̀wé á lè kọ sínú ìwé gbèsè, kò ní lè pa gbèsè rẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti yẹ oṣù kan wò tán, ẹ ti oṣù náà pa kẹ́nikẹ́ni má lè padà lọ tún un kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìsinmi

Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ sinmi lọ́dọọdún fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko ó kéré tán, kẹ́lòmíì sì ṣe iṣẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn, kì í ṣe pé kí iṣẹ́ dúró dè é. Irú ihò tó ń ṣí kiri tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nílò kí ẹni tó gbẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀ lójoojúmọ́. Òṣìṣẹ́ tí ò gbà kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan ìwé òun, tó ń wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi, ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ràn iṣẹ́ ni o, mi ò ní kẹ́ ẹ fẹ̀sùn kan án, àmọ́ ẹ wo ìwé ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo ti ẹlòmíì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ èyí, ẹ sọ fún àwọn méjèèjì pa pọ̀ pé ètò tuntun nìyí, ó kan gbogbo èèyàn. Ó ń dáàbò bo àwọn náà, torí tówó bá sọnù níbi tó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, òun náà ni wọ́n máa mú, ì báà jẹ́ òun kọ́.

Tó bá wá jẹ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ ò lè pín in bẹ́ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ mú owó kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ ní kí gbogbo kọ́sítọ́mà máa sanwó sí báńkì tààràtà, kí báńkì di kásíà yín, kí òṣìṣẹ́ yẹn máa kọ ìwé nìkan, ẹ̀yin ẹ máa tẹ owó tó ń jáde. Ẹ wá gba oníṣirò owó láti ìta tó máa wá fún wákàtí díẹ̀ lóṣù kan láti fi ìwé wé báńkì.

Ibi tí gbogbo èyí ò ràn ni tí Kásíà àti Akọ̀wé bá jọ mọwọ́ ara wọn. Tí wọ́n bá jẹ́ tọkọtaya tàbí ọmọ ìyá, ẹ kà wọ́n sí ẹnì kan ṣoṣo nínú bébà tẹ́ ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kìíní. Ibòmíràn tí ò tún ràn ni tẹ́yin fúnra yín bá ń mú owó nínú dúróọ̀ láì kọ ọ́, torí láti ọjọ́ yẹn, ìgbàkigbà tówó bá dín, wọ́n á ní Ọ̀gá ló mú un, ẹ ò sì ní lè jiyàn. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ rìsíìtì.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rìnrìn àjò, ẹ má gbé tókìn sílẹ̀ fún èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Áàpù báńkì máa ń ṣiṣẹ́ níbikíbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá wà, ẹ yan aago kan lóòjọ́ tẹ́ ẹ máa tẹ owó, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún Akọ̀wé ṣáájú kó lè to gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kó tó dìgbà yẹn. Èyí tó bá dé lẹ́yìn aago yẹn, kó dúró dọ̀la.